Ìjókòó Mẹ́fà fún Aláìróorunsùn: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Gba Aláìsàn

Ìbéèrè kan náà ni àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà máa ń bi mí, láti Ìkọ̀lé títí dé Ìjerò: "Mo ti ní kí aláìsàn má mu kọfí mọ́, mo ní kó pa fóònù, mo ní kó fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀. Kò sùn síbẹ̀. Kí ló kù?"

Ìtọ́jú gan-an ló kù. Ìmọ̀ràn kọfí àti fóònù nìkan kì í wo àìróorunsùn tó ti pẹ́ sàn. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ dín àkókò tí aláìsàn ń lò lórí bẹ́ẹ̀dì kù, kí ẹ sì máa fi àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá a padà fún un díẹ̀díẹ̀. Ìjókòó kejì àti ìkẹta ni ọkàn ètò yìí, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣì í ṣe. Nítorí náà, ibẹ̀ ni màá ti pẹ́ jù.

Ìjókòó mẹ́fà ni mo máa ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méje. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ń tẹ̀ lé ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń wà láàárín wọn, fóònù la sì fi ń dí àlàfo náà.

Aláìsàn kan ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ní Ìkẹ́rẹ́, ẹni ọdún 51, opó. Màmá Tíṣà ni màá máa pè wọ́n, mo sì ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹnikẹ́ni má bàa dá wọn mọ̀. Ìgbà tí ọkọ wọn ń ṣàìsàn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jí lóru láti tọ́jú rẹ̀. Ọkọ ti lọ láti ọdún méjì, ìjí òru kò bá a lọ.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: àwọn tí ọ̀nà yìí lè pa lára

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé àìróorunsùn ni. Ó gbọ́dọ̀ máa ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ mẹ́ta ó kéré tán lọ́sẹ̀, kó ti tó oṣù mẹ́ta, kí ààyè wà fún un láti sùn, kí ọ̀sán rẹ̀ sì máa bàjẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹni tí ọmọ tuntun ń jí, tàbí tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké mọ́ létí títí aago méjì òru, oorun kò kọ̀ ọ́. Àyè ni kò rí.

Nígbà tí a bá dín àkókò bẹ́ẹ̀dì kù, oorun fúnra rẹ̀ á dín kù díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹ dúró ná bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí:

- Ẹni tó ti ní ìgbà kan rí tí kò sùn fún ọjọ́ mélòó kan tí kò sì rẹ̀ ẹ́, tó ń sọ̀rọ̀ wàrà-wàrà, tó ń náwó bí ẹni tí kò ní ọ̀la. Àìsùn lè gbé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ dìde. Ẹ má dá a ṣe. Ẹ̀yin àti oníṣègùn ọpọlọ ni kẹ́ ẹ jọ ṣe é.
- Ẹni tó ní wárápá. Àìsùn máa ń fa gìrì.
- Ẹni tó ń hanrun kíkankíkan tí mímí rẹ̀ sì ń dúró lójú oorun. Kò ní mọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ ń sùn ni kẹ́ ẹ bi. Bí ọrùn rẹ̀ bá ki, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tó sì ń tòògbé lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ mímí rẹ̀ wò kọ́kọ́.
- Ẹni tó ń rìn lójú oorun.
- Awakọ̀, ọlọ́kadà, ẹni tó ń gun ọ̀pẹ, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ la pákó.
- Ẹni tó ń ronú àtipa ara rẹ̀. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ mójú tó lónìí. Ti oorun á tẹ̀ lé e.

Fún awakọ̀ tàbí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò le, ọ̀nà ẹ̀rọ̀ kan wà. Dípò kí ẹ gé àkókò bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ máa yọ ìṣẹ́jú 30 kúrò nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi súnmọ́ iye tó ń sùn gan-an. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n kì í fi oorun du ènìyàn lójijì.

## Ìjókòó 1: gbọ́ ìtàn, fi àkọsílẹ̀ lé wọn lọ́wọ́

1. Ẹ má bi wọ́n pé "Ṣé ẹ ń sùn?" Ẹ ní kí wọ́n sọ alẹ́ àná fún yín láti wákàtí dé wákàtí. Màmá Tíṣà ní, "Mo wọlé sùn ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ kí n lè rí oorun tó. Ó di nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ kó tó gbé mi. Aago kan ààbọ̀, mo ti jí. Mo ń yí gbirigbiri títí di aago mẹ́ta."
2. Ẹ lo ìbéèrè méje tí a fi ń wọn bí àìróorunsùn ṣe le tó. Máàkì 0 sí 4 ni fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 28. Láti 8 sí 14 kéré, 15 sí 21 le díẹ̀, 22 sókè le gan-an. Màmá Tíṣà gba 20.
3. Ẹ béèrè oògùn. Ẹ má ní "Ṣé ẹ ń lo oògùn oorun?" nítorí rárá ni wọ́n á wí. Ẹ ní, "Kí lẹ máa ń rà ní kẹ́míìsì kí ẹ lè sùn?" Bromasẹpáàmù mílígíráàmù 3 ni tiwọn, lálaalẹ́, láti oṣù mẹ́jọ.
4. Ẹ ṣàlàyé ohun tó dá àìsàn náà sílẹ̀ àti ohun tó ń mú un dúró. Ìṣáná ló dá iná, ṣùgbọ́n igi ló ń mú un jó. Àìsàn ọkọ ni ìṣáná. Wákàtí mẹ́sàn-án lórí bẹ́ẹ̀dì, oorun ọ̀sán lẹ́yìn iléèwé, sísùn pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, àti ìbẹ̀rù alẹ́ ni igi. Igi la fẹ́ fà yọ.
5. Ẹ fún wọn ní ìwé àkọsílẹ̀ oorun fún alẹ́ méje.

Ohun tó wà nínú ìwé náà kò pọ̀: aago tí wọ́n wọ bẹ́ẹ̀dì, bó ṣe pẹ́ tó kí oorun tó gbé wọn, iye ìgbà tí wọ́n jí àti bó ṣe pẹ́ tó lápapọ̀, aago tí wọ́n jí kẹ́yìn, aago tí wọ́n dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, oorun ọ̀sán, àti oògùn. Àárọ̀ ni wọ́n máa kọ ọ́, láàárín ìdajì wákàtí tí wọ́n bá dìde. Ẹ kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má wo aago lóru nítorí àtikọ ọ́. Ìfojúdíwọ̀n ti tó.

Bí aláìsàn kò bá mọ̀wé, ẹ wá ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kan tí yóò máa bi í láràárọ̀. Ìrun àsùbáà, aago ṣọ́ọ̀ṣì àti ìròyìn rédíò ni wọ́n á fi mọ aago. Mo ti bá bàbá àgbẹ̀ kan ṣiṣẹ́ tó jẹ́ pé pípè ni ọmọ rẹ̀ ń pè mí láàárọ̀, tí mo sì ń kọ ọ́ fún wọn. Ọjọ́ méje péré ni.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: kí ẹ fún wọn ní aago oorun tuntun lọ́jọ́ yìí gan-an nítorí pé wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Àbá wọn kò ṣeé gbára lé. Màmá Tíṣà ní wákàtí méjì péré ni àwọn ń sùn. Ẹ wo ohun tí ìwé sọ.

## Ìjókòó 2: ìṣirò, lẹ́yìn náà òfin bẹ́ẹ̀dì

Ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ fún ìjókòó yìí, kí ẹ sì ṣe ìṣirò náà níwájú wọn. Bí ẹ bá ti ṣe é sílẹ̀, àṣẹ ni yóò dà létí wọn.

Iye ìṣẹ́jú tí Màmá Tíṣà sùn fún alẹ́ méje nìyí: 300, 270, 360, 315, 285, 330, 345. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,205. Ẹ fi 7 pín in, ó jẹ́ 315, ìyẹn wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 15. Láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ sí aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ sì jẹ́ wákàtí mẹ́sàn-án, ìyẹn ìṣẹ́jú 540. Nínú ọgọ́rùn-ún àkókò tí wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì, èló ni oorun? Èyí ni mò ń pè ní ìpín oorun:

```
315 ÷ 540 × 100 = 58
```

Màmá Tíṣà wo bébà náà fún ìgbà díẹ̀. "Ṣé mo ń sùn tó wákàtí márùn-ún?" Ẹ fún wọn láyè níbẹ̀. Ìyàlẹ́nu yẹn ń ṣiṣẹ́ ju àlàyé yín lọ.

Ẹ wá gbé aago kalẹ̀ báyìí:

1. Aago ìdìde ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ní láti dìde jù ní kùtù nínú ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì lo aago yẹn fún ọjọ́ méjèèje, Sátidé àti Àìkú pẹ̀lú. Tiwọn jẹ́ aago márùn-ún.
2. Ẹ mú iye tí wọ́n ń sùn gan-an. 315 ni. Mo fi ìṣẹ́jú 15 kún un kó lè rọrùn láti rántí: 330, wákàtí márùn-ún ààbọ̀.
3. Ẹ kà á sẹ́yìn láti aago ìdìde. Wákàtí márùn-ún ààbọ̀ ṣáájú aago márùn-ún àárọ̀ jẹ́ aago 11:30 alẹ́. Gbèdéke oorun wọn nìyẹn.
4. Ẹ má lọ sílẹ̀ ju wákàtí márùn-ún lọ, kódà bí ìwé bá sọ pé wákàtí mẹ́ta ni aláìsàn ń sùn.
5. Ẹ kọ aago méjèèjì sórí káàdì pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà.

"Aago mọ́kànlá ààbọ̀? Dókítà, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Màmá, wákàtí márùn-ún lẹ ti ń sùn tẹ́lẹ̀. N kò fọwọ́ kan ìyẹn. Wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ nínú èyí tẹ́ ẹ fi ń yí gbirigbiri ni mo gbà lọ́wọ́ yín."

Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ògì ni mo máa ń fi ṣe é. Bí ẹ bá po ògì ife kan sínú ìkòkò omi ńlá, kò ní dì, bí ó ti wù kí ẹ rò ó tó. Ògì yín kò burú; omi ló pọ̀. A ó dín omi kù kí ó kọ́kọ́ dì. Tó bá ti dì, a ó wá máa fi omi kún un díẹ̀díẹ̀, tí a ó sì máa wò ó.

### Òfin bẹ́ẹ̀dì

1. Ẹ má wọ bẹ́ẹ̀dì kí aago tó wà lórí káàdì tó lù. Bí ó bá lù tí ẹ kò tòògbé, ẹ má tíì wọ ibẹ̀ títí ẹ ó fi máa tòògbé.
2. Oorun àti ọ̀rọ̀ tọkọtaya nìkan ni bẹ́ẹ̀dì wà fún. Fóònù, ìwé àmì iléèwé, ìṣirò owó àjọ, kò sí èyí tó bá yín wọ ibẹ̀.
3. Bí ẹ bá fojú díwọ̀n pé ó ti tó ogún ìṣẹ́jú tí oorun kò wá, ẹ dìde, kí ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ má wo aago.
4. Ẹ padà nígbà tí ẹ bá ń tòògbé. Bí oorun kò bá tún wá, ẹ tún dìde.
5. Aago márùn-ún lù, ẹ dìde, bó ti wù kí òru rí.
6. Kò sí oorun ọ̀sán.

Ẹ jẹ́ kí ìyàtọ̀ láàárín àárẹ̀ àti títòògbé yé wọn dáadáa. Ẹni tó rẹ̀, ara ló ń dùn ún. Ẹni tó ń tòògbé, ojú ń pa dé, orí ń yẹ̀, ó ń ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹta. Títòògbé nìkan ló ń gbé ènìyàn lọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Èdè wa ti yà wọ́n sọ́tọ̀, iṣẹ́ yín fúyẹ́ níbẹ̀.

Òfin kẹta máa ń ṣòro nílé tó jẹ́ yàrá kan ṣoṣo. Ẹ béèrè bí ilé ṣe rí kí ẹ tó sọ pé "ẹ lọ sí pálọ̀". Bí kò bá sí pálọ̀, àga kan lẹ́bàá ògiri tó, tàbí kí wọ́n jókòó sí apá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n kọjú síbòmíràn, kí orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Kí wọ́n ti gbé àga náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìborùn lórí rẹ̀ kí alẹ́ tó lẹ́, torí kò sí ẹni tó ń fẹ́ wá àga kiri nínú òkùnkùn aago méjì òru. Iná tó mọ́lẹ̀ níwọ̀nba ni kí wọ́n tàn. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni jáde sí ìta.

### Wákàtí mẹ́ta tó le jù

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni Màmá Tíṣà ti ń wọlé sùn tẹ́lẹ̀. Kí ni wọ́n máa ṣe títí di aago 11:30? Bí ẹ kò bá ṣètò rẹ̀ lójú ibẹ̀, orí àga tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti máa sùn ní aago mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ni oorun tí ẹ fẹ́ kó jọ fún òru ti jò tán. Ètò tí a jọ kọ nìyí: máàkì ìwé ọmọ iléèwé títí di aago mẹ́wàá, bíbó ẹ̀gúsí lórí àpótí tí kò ní ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà aṣọ lílọ̀ tàbí kíká aṣọ lórí ìdúró ní ìdajì wákàtí tó kẹ́yìn. Ọmọ wọn obìnrin á sì máa pè wọ́n ní aago mẹ́wàá.

Ìgbà yìí náà ni mo máa ń sọ̀rọ̀ kọfí, obì àti oúnjẹ, kì í gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo mọ ibi tí mo wà. N kò ní sọ fún ọmọ Èkìtì kó má jẹ iyán. Kó jẹ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú ni.

Ìkìlọ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ jáde lẹ́nu: ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ máa burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ojú á wú, inú á máa tètè bí wọn. Kí wọ́n má wakọ̀ ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n sì ṣọ́ra nídìí iná. Aláìsàn tí ẹ kò kìlọ̀ fún á rò pé ìtọ́jú ti kùnà. Èyí tí ẹ kìlọ̀ fún á sọ pé, "Ó rí bí ẹ ṣe wí."

Ẹ má tíì fọwọ́ kan oògùn oorun lọ́sẹ̀ yìí. Kí wọ́n máa lo iye tí wọ́n ń lò, ní aago kan náà.

## Ìjókòó 3: ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ sá lọ

Kí wọ́n tó jókòó ni ẹ máa ti rí i lójú wọn. Ẹ gbọ́ wọn, lẹ́yìn náà ẹ ṣí ìwé.

Màmá Tíṣà sùn ìṣẹ́jú 264 lálẹ́ kan, ní ìpíndọ́gba. 264 nínú 330 jẹ́ 80. Ẹ fi ìlànà yìí pinnu:

- Ìpín oorun 85 sókè: ẹ fi ìṣẹ́jú 15 kún àkókò bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fà á láti aago ìwọlé. Aago ìdìde kò yẹ̀.
- 80 sí 84: ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.
- Ìsàlẹ̀ 80: ẹ yọ ìṣẹ́jú 15, bí wákàtí márùn-ún kò bá ní bàjẹ́.

Àwọn mìíràn ń dúró dé 90 kí wọ́n tó fi kún un. Èyí tí ẹ bá mú, ẹ dì í mú títí dé òpin.

Tiwọn jẹ́ 80, nítorí náà a fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ èyí fún aláìsàn, ẹ fi káàdì wé ìwé. Mo bi wọ́n léèrè nípa alẹ́ kọ̀ọ̀kan, a sì rí ohun méjì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ wọ́n sùn lórí àga fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú kí ọmọ wọn tó pè. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n dùbúlẹ̀ di aago mẹ́fà ààbọ̀ "torí isìn kì í tètè bẹ̀rẹ̀". Kò sí ìbáwí níbẹ̀. A sún ìpè ọmọ wá sí aago mẹ́sàn-án, wọ́n sì gbà láti máa lọ fa omi ní aago márùn-ún Àìkú.

Ẹ tún wo ohun tó ti yí padà tí wọn kò rí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wákàtí méjì ni wọ́n fi ń dúró de oorun. Lọ́sẹ̀ yìí, ìṣẹ́jú 20. Iye oorun ti dín kù, ṣùgbọ́n ó ti ń dì. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ fi hàn wọ́n.

Bí a ṣe ń mọ ohun tó ń dà á rú:

- Ìpín oorun dára, ṣùgbọ́n wọ́n ń tòògbé tó léwu lọ́sàn-án: ẹ fi ìṣẹ́jú 15 tàbí 30 kún un lọ́sẹ̀ yìí kan náà, kí ẹ sì tún béèrè nípa hánrun.
- Ìpín oorun kò kúrò nísàlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti pa gbogbo òfin mọ́: ẹ yẹ àyẹ̀wò yín wò. Ẹsẹ̀ tí kì í sinmi lálẹ́, ìrora, ìtọ̀ lóru, ìbànújẹ́ ọkàn tó jinlẹ̀, ọtí.
- Wọn kò kọ ìwé: ẹ jọ kọ alẹ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má sì yí aago padà. A kì í fi àbá yí gbèdéke.
- Alẹ́ kan ṣoṣo ló dára tí wọ́n ní kí ẹ dá wákàtí kan padà: rárá. Ìṣẹ́jú 15, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìkánjú yìí ló ń bàjẹ́ ìtọ́jú jù, àánú tiwa gan-an ló sì máa ń fà á.

Ẹ pè wọ́n lórí fóònù ní àárín ọ̀sẹ̀. Ìpè ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pa á tì ni àárín ìjókòó kẹta àti ìkẹrin.

## Ìjókòó 4: ohun tí ọkàn ń sọ lóru

Lọ́sẹ̀ yìí, 300 nínú 330: 91. Aago ìwọlé di 11:15. Ó yẹ kí ẹ rí Màmá Tíṣà nígbà tí mo kọ ọ́ sórí káàdì. Bí ẹni tó gba owó ìfẹ̀yìntì.

Nísinsìnyí tí oorun ti ń dì, ọkàn ti tó gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí n kì í fi bẹ̀rẹ̀ ètò yìí pẹ̀lú ìrònú. Ẹni tó ṣì ń yí gbirigbiri fún wákàtí mẹ́rin kò ní gbà yín gbọ́.

Gbólóhùn méjì ni Màmá Tíṣà gbé wá. Èkíní: "Bí n kò bá sun wákàtí mẹ́jọ, ẹ̀jẹ̀ mi á ru, n kò sì ní lè dúró níwájú àwọn ọmọ lọ́la." Ẹ má jiyàn. Ẹ ní kí wọ́n dán an wò: láràárọ̀, kí wọ́n kọ máàkì láti 0 sí 10 nípa bí wọ́n ṣe rò pé ọjọ́ náà máa rí, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n kọ bó ṣe rí gan-an. Lẹ́yìn òru mẹ́ta tí kò dára, 2 tàbí 3 ni wọ́n kọ láàárọ̀. Ìrọ̀lẹ́ jẹ́ 5, 6, 6. "Mo kàn ń fi ìbẹ̀rù jẹ ara mi níyà láti àárọ̀ ni," àwọn fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í mọ bí a ṣe ń mú: "Aago mẹ́ta òru gééré ni mo máa ń jí. Àwọn ayé ló ń jí mi." Àwọn kan nínú wa á rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Méjèèjì ló ń ti ilẹ̀kùn. Mo kàn béèrè pé, "Bí ẹ bá jí, kí lẹ máa ń ṣe?" Wọ́n ní àwọn á wo fóònù kí àwọn lè mọ̀ bóyá aago mẹ́ta ni, àwọn á sì máa ka Sáàmù lórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ohun tí mo sọ kò ju mẹ́ta lọ. Gbogbo ènìyàn ló ń jí díẹ̀díẹ̀ lóru. Oorun tó jinlẹ̀ wà ní apá ìbẹ̀rẹ̀ òru, apá ìkẹyìn fúyẹ́, ibẹ̀ sì ni jíjí ti rọrùn. Ẹni tó ń wo aago nígbà gbogbo tó bá jí, ọjọ́ tó bá bọ́ sí aago mẹ́ta nìkan ni yóò máa rántí. Kí Sáàmù máa bá a lọ, ṣùgbọ́n lórí àga, kí wọ́n padà sórí bẹ́ẹ̀dì bí ojú bá ń pa dé. Fóònù lọ sí yàrá ọmọ, a ra aago kékeré kan tó ń dún fún ìdìde, wọ́n sì kọjú rẹ̀ sí ògiri. N kò bá wọn jiyàn lórí àwọn ayé. Kò pọndandan.

Fún àníyàn owó iléèwé àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ọkọ wọn tí ẹbí ń fà, mo fún wọn ní ogún ìṣẹ́jú ní aago méje alẹ́, pẹ̀lú ìwé àti bírò: kọ ohun tó ń dun ọkàn, kọ ohun kan tí ẹ lè ṣe sí i lọ́la, pa ìwé dé. Bí ó bá tún yọjú lóru, "mo ti kọ ọ́" ni ìdáhùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lórí fóònù: 310 nínú 345, ó jẹ́ 90. Aago ìwọlé di 11:00.

## Ìjókòó 5: oògùn àti ìṣọ́ òru

320 nínú 360: 89. Aago ìwọlé di 10:45.

Oorun ti dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí náà a lè bẹ̀rẹ̀ sí í dín oògùn kù. Bí ẹ kì í bá ṣe ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ oògùn, ẹ jẹ́ kí dókítà darí rẹ̀. Kí aláìsàn má ṣe jáwọ́ lójijì láé. Ẹni tó ti ń lo irú oògùn yìí lálaalẹ́ fún oṣù púpọ̀ lè ní gìrì bó bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni dókítà wọn yọ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì: mílígíráàmù 3 di 2.25, lẹ́yìn náà 1.5, lẹ́yìn náà 0.75, lẹ́yìn náà ó tán. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, oorun lè dàrú fún alẹ́ díẹ̀. Ẹ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n tàbí tí àyà ń já ju bó ti yẹ lọ, kí wọ́n dúró lórí ìpele tí wọ́n wà, kí wọ́n má sáré.

Ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì náà á yọjú. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fò ó. Láti ìsinsìnyí lọ, kí wọ́n lọ bí wọ́n bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n má wá fi gbogbo Sátidé sùn. Oorun ìdajì wákàtí kan kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, pẹ̀lú aago tó ń dún. Lẹ́yìn náà, aago ìwọlé wọn lálẹ́. Ẹ má ka alẹ́ ìṣọ́ òru mọ́ ìṣirò. Màmá Tíṣà lọ, wọ́n sì sùn wákàtí mẹ́ta lọ́sàn-án Sátidé. Alẹ́ mẹ́fà yòókù fún wa ní 312 nínú 375, ìyẹn 83. A fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn ló sọ fún mi lórí fóònù ohun tó fà á kí n tó béèrè.

## Ìjókòó 6: káàdì tí wọ́n máa mú lọ

341 nínú 375: 91. Aago ìwọlé di 10:30. Máàkì ìbéèrè méje ti bọ́ láti 20 sí 8. Bí ó bá fi máàkì 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín kù sí ti ìbẹ̀rẹ̀, ìtọ́jú ti mú; bí máàkì fúnra rẹ̀ bá wá sí ìsàlẹ̀ 8 là ń pè ní ìwòsàn. Nítorí náà Màmá Tíṣà ṣì ku díẹ̀, n kò sì fi pamọ́ fún wọn.

Ẹ má lé wákàtí mẹ́jọ. Ẹ máa fi ìṣẹ́jú 15 kún un títí tí ọ̀sán wọn á fi já geere, tàbí títí tí ìpín oorun á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ibẹ̀ ni oorun wọn pin sí.

Ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn ṣe ìṣirò ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn lójú yín. Lẹ́yìn náà ẹ jọ kọ káàdì ìkẹyìn. Ti Màmá Tíṣà kà báyìí:

- Alẹ́ kan burú: n kò ṣe nǹkan kan. Aago márùn-ún, mo dìde.
- Alẹ́ mẹ́ta burú lọ́sẹ̀ kan, fún ọ̀sẹ̀ méjì: mo mú ìwé àkọsílẹ̀ jáde, mo fi ìdajì wákàtí pẹ́ wọlé sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.
- Ìpín oorun padà sí 85: mo fi ìṣẹ́jú 15 kún un.
- N kò lọ sí kẹ́míìsì.
- Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò yí padà: mo pe nọ́ńbà klíníìkì.

Nígbà ọyẹ́, wọ́n pè mí. Àbúrò wọn ṣaláìsí ní Ìjẹ̀ṣà-Ìsu, oorun sì tún dàrú. Wọ́n ti sún aago ìwọlé padà sí 11:00 láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ṣe é bó ṣe tọ́. Mo ní kí wọ́n ka ìwé náà fún mi. Wọ́n kà á, alẹ́ kan tẹ̀ lé èkejì, wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ pé 87 ni.

"Ṣé kí n wá padà sí 10:45?"

"Màmá, kí ni káàdì wí?"